Ṣé Ilé Lábánì Lo Wà, Àbí Ààfin Sọ́ọ̀lù?

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ bá wa fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò bá ráyè báyìí, kó tọ́jú rẹ̀ di alẹ́.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn èèyàn ń bi wá jù láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 May 2023, tí owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ sì fò sókè. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ìyà tí wọ́n fi ń jẹ mí níbi iṣẹ́ yìí ti pọ̀ jù. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ lónìí, àbí kí n dúró títí màá fi rí òmíràn?" Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ìdáhùn wa kì í ju méjì lọ. Bí ara wa bá le, a ó ní, "Jáde kúrò níbẹ̀, Ọlọ́run á pèsè." Bí a bá ti rò ó pé ẹni náà ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́, a ó ní, "Fara dà á, máa gbàdúrà." Ìdáhùn méjèèjì kò ná wa ní nǹkan kan. Ẹni tó béèrè ló ń san owó rẹ̀.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Ìyàrá ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ó ti fún wa láṣẹ pé ká sọ ọ́, a ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ibi tó ti ṣiṣẹ́.

Báńkì máíkírò kan ní Kàbà ló ti ń ṣiṣẹ́, àwọn tó ń yá ìyálọ́jà àti àgbẹ̀ lówó, tí wọ́n ń gbà á padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó wá oníbàárà, kó kó wọn jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kó sì gba owó náà padà. Tí oníbàárà kò bá san lọ́sẹ̀ yẹn, máníjà á ní kí ó fi owó ara rẹ̀ dí i kó tó lè lọ sílé. Wọ́n á dá wọn dúró di aago mẹ́jọ alẹ́. Máníjà á máa bú wọn lójú oníbàárà. Lọ́jọ́ kan, ó ní kó dìde dúró níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún odidi ìpàdé nítorí oníbàárà méjì tí kò san. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ìyá ọmọ méjì.

Ó wá bá wa lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú, 8 September 2024. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sínú fóònù, àárọ̀ ọjọ́ Ajé lòun máa fi lé wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin ará, ohun tí a kọ́kọ́ sọ fún un ni pé kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kí Ọlọ́run yí ọkàn máníjà padà. Ó wò wá lójú, ó ní, "Dádì, mo ti gbààwẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Ẹnu wa wọhò. Ìyàwó wa ló sọ pé, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ìwé àti bírò."

Ká tó dé orí ìwé yẹn, ẹ jẹ́ ká wo inú Bíbélì, torí ibẹ̀ la ti rí ọ̀nà.

Àwọn méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀gá wọn kò dáa. Àkọ́kọ́ ni Jákọ́bù nílé Lábánì. Ogún ọdún ló fi sìn ín, Lábánì sì yí owó iṣẹ́ rẹ̀ padà nígbà mẹ́wàá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í ṣàkíyèsí ni pé Jákọ́bù ti fẹ́ kúrò lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá, nígbà tí Rákélì bí Jósẹ́fù. Ó ti béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa lọ. Ṣùgbọ́n ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tó lè fi tọ́jú aya àti ọmọ. Ló bá dúró fún ọdún mẹ́fà sí i. Nínú ọdún mẹ́fà yẹn, ẹran tirẹ̀ ló ń kó jọ. Nígbà tí ó tó àkókò, ó pe àwọn ìyàwó rẹ̀ sí pápá níbi tí etí ọ̀tá kò dé, wọ́n fọ̀rọ̀ jẹwọ́, ó sì lọ nígbà tí Lábánì lọ rẹ́ irun àgùntàn. Ọjọ́ kẹta kí Lábánì tó gbọ́.

Ẹnì kejì ni Dáfídì láàfin Sọ́ọ̀lù. Sọ́ọ̀lù ju ọ̀kọ̀ sí i, ó yẹ̀ ẹ́, ó sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí ọ̀kọ̀ tún wá, tó wọ ara ògiri, kò dúró dilẹ̀ mọ́. Òru ọjọ́ yẹn ni Míkálì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lójú fèrèsé. Dídúró kì í ṣe sùúrù mọ́ níbẹ̀, ikú ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àìmúrasílẹ̀ fà. Nígbà tó fi máa dé Nóbù, kò ní búrẹ́dì, kò ní idà. Ó purọ́ fún àlùfáà Áhímélékì kó tó rí oúnjẹ, àlùfáà márùndínláàádọ́rùn-ún ni Sọ́ọ̀lù sì pa nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Dáfídì fúnra rẹ̀ sọ pé òun ni òun fà á.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "Ṣé kí n lọ?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: ilé ta ni mo wà? Lábánì ń rẹ́ ẹ jẹ, ó ń yọ owó ẹ, ó ń fi ọ́ wọ́lẹ̀. Ìwà burúkú ni, kò sí àwíjàre. Ṣùgbọ́n o lè fi ọgbọ́n gba àkókò díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Sọ́ọ̀lù ń ju ọ̀kọ̀. Lójú tiwa, ọ̀kọ̀ mẹ́ta ló wà níbi iṣẹ́. Ọ̀kan ni pé ọ̀gá ń fẹ́ bá ọ sùn, tàbí ó ń lù ọ́. Èkejì ni pé wọ́n ní kí o buwọ́ lu ohun tí o mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ̀kẹta ni pé ara rẹ ti ń sọ̀rọ̀: ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà tí wọ̀n, tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, oorun tí kò wá mọ́ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí èrò pé ó sàn kí n kú. Tí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dé, má dúró ṣírò owó. Tí ó bá sì jẹ́ èrò ikú ni, sọ fún èèyàn lónìí, kí o sì lọ sílé ìwòsàn. Àdúrà wa á bá ọ lọ síbẹ̀.

Arábìnrin wa, ní September, ilé Lábánì ló wà. Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé.

Ìyàwó wa bi í pé, "Èló ni iṣẹ́ yìí ń mú wá?" Ó ní ₦92,000 ló ń wọ àkáǹtì òun lóṣù, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó tí òun yá lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó wa ní rárá, èló ló ń dé ilé? Ni a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ọkọ̀ láti Ìyàrá sí Kàbà ní àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦2,000 fún un lójúmọ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ méjìlélógún lóṣù, ₦44,000 nìyẹn. Ọ̀kadà tó ń gùn lọ bá oníbàárà lábúlé, tí ilé iṣẹ́ kì í san padà, tó ₦13,000. Owó oníbàárà tó fi ń dí, a ka oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, a pín in, ó jẹ́ ₦14,000 lóṣù. Ẹ bá wa yọ ọ́: ₦92,000 di ₦21,000.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Dádì, ṣé ₦21,000 ni mo ń torí ẹ̀ sunkún?"

Ẹ̀yin ará, èyí ni ohun tí a fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń bẹ̀rù láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ máa ń bẹ̀rù pé òun á pàdánù iye tí wọ́n kọ sórí ìwé owó oṣù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó máa pàdánù ni iye tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí iṣẹ́ náà bá ti jẹ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò dáa sì máa ń jẹun púpọ̀: owó ọkọ̀, oúnjẹ ìta, owó ìtanràn, oògùn orí fífọ́. Tí o kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, o ò ní mọ̀.

A wá wo ti ilé. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Kogí mọ bí ọ̀rọ̀ owó oṣù ti rí látìgbà àyẹ̀wò òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ẹ mọ ọdún tí wọ́n fi ń san ìdá owó fún tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, a ò ní tún un sọ. ₦65,000 ni ọkọ ń mú wálé. Oúnjẹ ₦56,000, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tí a bá pín in sí oṣù ₦12,000, iná àti dátà ₦6,000, oògùn ₦5,000, àjọ ₦4,000. Àpapọ̀ ₦83,000. Ọkọ nìkan, àlàfo ₦18,000 ló wà. Ohun tí iṣẹ́ ìyàwó ń ṣe nínú ilé yẹn kò ju pé ó ń dí ₦18,000 lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní ₦54,000 nílẹ̀, ilé náà lè dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí iṣẹ́ yẹn. Òkè ńlá ló dà bí ohun tí kò ṣeé gùn lójú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti wá di òkè kékeré tó ní iye.

Kí ló dé tí kò fi wá lọ ní ọjọ́ Ajé yẹn? Ohun mẹ́ta ló so ó mọ́lẹ̀. Àkọ́kọ́, gbèsè ₦75,000 ṣì kù nínú owó tó yá nílé iṣẹ́, wọ́n ń yọ ₦15,000 lóṣù, ìwé àdéhùn sì sọ pé tó bá kúrò, gbogbo ẹ̀ ló máa san lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, ojúlówó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀kẹta, bàbá rẹ̀ kékeré ló ṣe onídùúró fún un. Owó oníbàárà tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló wà lórúkọ rẹ̀. Tó bá kàn dìde lọ, tí owó kan bá sọnù nínú ìwé lẹ́yìn rẹ̀, orí ta ni wọ́n máa gbé e lé? Orí ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ni. Ọlọ́pàá á sì lọ kan ilẹ̀kùn bàbá arúgbó. Áhímélékì nìyẹn o. Ẹni tó ń fìbínú jáde máa ń gbàgbé pé àwọn kan wà ní Nóbù.

Nítorí náà, ó dúró, ṣùgbọ́n a dá ọjọ́ fún dídúró náà: ìparí January 2025, nígbà tí gbèsè yẹn máa tán. Ẹni tó ní òun ń dúró títí òun á fi rí òmíràn, tí kò dá ọjọ́, kò tíì dúró de nǹkan kan, ó kàn ń gbé ibẹ̀ ni. Ọjọ́ yẹn ni kò jẹ́ kí èébú máníjà wọ̀ ọ́ lára mọ́. Ó ní tí ó bá ti ń bú òun, òun á máa ka ọ̀sẹ̀ tó kù.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe ní ìdákẹ́jẹ́. Ó ra ìwé kan, ó ń kọ orúkọ oníbàárà kọ̀ọ̀kan, iye tó yá, iye tó ti san àti iye tó kù, ó sì ń jẹ́ kí oníbàárà fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ó béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, òótọ́ sì ni, ó ṣe ẹ̀dà mẹ́rin. Wọ́n gba ojúlówó padà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ní ẹ̀dà tó lè fi wá iṣẹ́. Ìkẹta, ó ń wá iṣẹ́ ní ọjọ́ Sátidé àti lálẹ́, pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, kò sì sọ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan. Pápá ni Jákọ́bù ti bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà Lábánì.

A tún bá a wo ohun tí òfin sọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe lọ́dún 1974 kò gbà kí agbanisíṣẹ́ kàn máa yọ owó lórí owó oṣù bó ṣe wù ú. Tí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí ó ṣe àìbìkítà, ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ nínú ìwé lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ó lè mú ẹjọ́ yẹn lọ sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja. A sọ ọ́ fún un. Ó ní òun kò ní owó ọkọ̀ tàbí okun láti bá wọn fà á nígbà tí gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn òun. A kò bá a jiyàn. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀tọ́ ni èèyàn lágbára láti gbà lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ó ń kọ ọjọ́ àti iye owó tó ń dí sílẹ̀, tí ó bá di ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń lọ títí di ọjọ́bọ̀, 28 November. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló pè wá, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìparí ọdún ń bọ̀, ọ̀gá àgbà fẹ́ wá yẹ ìwé wò, gbèsè tí kò wọlé sì pọ̀. Máníjà wá kọ orúkọ mọ́kànlá sílẹ̀, pé kó buwọ́ lù ú pé òun ti lọ wo ilé wọn, kí wọ́n lè yá wọn lówó tuntun, kí wọ́n sì fi owó náà dí gbèsè àtijọ́. Kò rí ẹnì kankan nínú wọn rí. Ó ní ẹlẹgbẹ́ òun méjì ti buwọ́ lu tiwọn.

Ọ̀kọ̀ nìyẹn. Ilé Lábánì ti di ààfin Sọ́ọ̀lù lóru ọjọ́ kan.

Ẹ má rò pé ó rọrùn. Oṣù méjì péré ló kù kí gbèsè rẹ̀ tán. Kò tíì rí iṣẹ́. Ó bi wá pé, "Dádì, tí mo bá buwọ́ lu ẹ̀ẹ̀kan yìí péré ńkọ́, kí n lè dé January?" A mọ ohun tó wà lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kó jẹ́ àṣẹ pásítọ̀. A bi í padà pé, "Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún tó ń bọ̀, ọwọ́ ta ni wọ́n á rí lórí ìwé?" Ó ní, "Ọwọ́ mi." Kò sọ ohun mìíràn mọ́. Àwọn tó bá jalè báyẹn kì í gbé orúkọ ara wọn sórí ìwé. Ẹni tí owó ń ni lára ni wọ́n máa ń lò.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí máníjà lóru yẹn, ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́, pé òun kò lè fọwọ́ sí oníbàárà tí òun kò rí, ṣùgbọ́n òun ṣe tán láti lọ bá wọn nílé bí a bá fún òun ní àdírẹ́sì. Ẹ kíyè sí i: kò pe ẹnikẹ́ni lólè. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wà nínú fóònù pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí. Ní ọjọ́ Ajé, 2 December, ó fi lẹ́tà sílẹ̀.

Nípa lẹ́tà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Òfin yẹn sọ pé ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ lẹ́nu iṣẹ́ á fún wọn ní ọjọ́ kan. Ẹni tó ti ju oṣù mẹ́ta ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún méjì sí ọdún tí kò tó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ọdún mẹ́ta ni arábìnrin wa ti lò, ọ̀sẹ̀ méjì ni tirẹ̀ nínú òfin. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé oṣù kan, tàbí kó san owó oṣù kan. Ohun tó ti fọwọ́ sí nìyẹn, kò sì ní ₦92,000 tó máa san. Oṣù kan ló fún wọn. Ìlà mẹ́rin ni lẹ́tà náà: pé òun ń fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí òun máa lò kẹ́yìn, pé òun á fa gbogbo ìwé lé ẹni tí wọ́n bá yàn lọ́wọ́, pé ẹ ṣeun. Kò sí ẹ̀sùn nínú rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ló tẹ̀, wọ́n sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan fún un.

Máníjà ní òun kò gbà á. Ẹ̀yin ará, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Látọdún 1960 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ wa nígbà náà ti sọ ọ́ nínú ẹjọ́ Benson àti Onitiri pé ọjọ́ tí lẹ́tà bá ti dé ọwọ́ wọn ló ti mú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni gbà á wọlé. Òǹtẹ̀ yẹn ni ẹ̀rí.

Ó lo oṣù rẹ̀ pé, kò buwọ́ lu nǹkan kan. Ìwé tó ti ń kọ láti September ló gbà á là. Nígbà tí wọ́n ní owó oníbàárà mẹ́ta kò pé, ó ṣí i, ó fi ìfọwọ́sí wọn hàn. Wọ́n fi ọkàn wọn balẹ̀. Ní 2 January 2025, wọ́n yọ òun àti bàbá onídùúró, wọ́n sì dá ìwé ẹ̀rí padà, lẹ́yìn tó san ₦15,000 tó kù nínú gbèsè. Níbo ló ti rí i? Àjọ ti kàn án ní November, ẹni mẹ́wàá, ₦40,000. ₦25,000 ló kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ rántí pé ₦54,000 la ti ní ó yẹ kó ní. Ọ̀kọ̀ kò jẹ́ kó pé. A fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, torí a kì í ṣe oníwàásù tó ń sọ pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lónìí, ilẹ̀kùn ṣí lọ́la. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kékeré kan ní agbègbè wa níbí gbà á láti máa tọ́jú owó wọn, ó bẹ̀rẹ̀ ní 24 February. Ṣùgbọ́n ìparí March ló tó gba owó oṣù àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ìṣirò ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kùnà: wọ́n ń ka ọjọ́ tí wọ́n á rí iṣẹ́, wọn kì í ka ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ á wọlé. Oṣù mẹ́ta pérépéré ni, ₦54,000. Ó ku ₦29,000. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ yá a ní ₦20,000 láìsí èlé. ₦9,000 tó kù, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ni wọ́n fi sílẹ̀ di tẹ́ẹ̀mù tó tẹ̀ lé e, bàbá wọn sì lọ bẹ hẹ́dìmásítà fúnra rẹ̀. Ojú tì í. Ó ṣe é.

Owó tó ń gbà níbi tuntun jẹ́ ₦55,000. Àwọn kan nínú ẹbí ní ó ti rẹ̀yìn, pé ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí ₦70,000 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ní July 2024. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin yẹn yọ ibi iṣẹ́ tí èèyàn ibẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ. Kò sí ọkọ̀, kò sí ọ̀kadà, kò sí gbèsè oníbàárà. ₦55,000 ló ń dé ilé, níbi tí ₦92,000 ti ń di ₦21,000. Kódà ká ní gbèsè rẹ̀ tán tí wọn ò yọ ₦15,000 mọ́, ₦36,000 ni ì bá di.

Ohun kan tún wà fún ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì yín. Òfin 2014 sọ pé ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò sì rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè béèrè fún ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ẹ má fi í sínú ìṣirò oṣù àkọ́kọ́ o. Oṣù mẹ́rin gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó lè béèrè, ọjọ́ ogbó yín lẹ sì ń bu jẹ.

Láti ìgbà náà, tí ọmọ ìjọ bá ti wá pẹ̀lú ìbéèrè yẹn, a máa ń gbàdúrà, lẹ́yìn náà ìyàwó wa á mú ìwé àti bírò. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá sì ti ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí ọ̀kọ̀ bá lé jáde láìròtẹ́lẹ̀, kó má baà di pé ó ń purọ́ kó tó jẹun bíi ti Dáfídì. Arábìnrin wa yẹn ló ń tọ́jú owó àpò náà. Ó ti san ₦20,000 rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé Lábánì lónìí, Olúwa yóò fún yín ní ọgbọ́n láti kó ẹran tiyín jọ, yóò sì fi ọjọ́ tí ẹ máa jáde hàn yín. Ẹ̀yin tí ọ̀kọ̀ ń fò lé lórí, Olúwa yóò ṣí fèrèsé fún yín, yóò sì fún yín ní Míkálì tó máa di okùn mú. Lórúkọ Jésù.

Ẹni tí ó bá wà nítòsí tó fẹ́ ká jọ ṣírò tirẹ̀, kó wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Kó mú lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ dání.